Ẹ bá mi wo lẹ́tà tí mo fẹ́ kọ sí onífọ́tò wa: ọkọ̀ tó wà lẹ́yìn wa, àti òdòdó tó ti já

Ìyàwó Òkè-Fìà
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Oṣù Kejìlá tó kọjá ni a ṣe ìgbéyàwó ní họ́ọ̀lù kan ní Òkè-Fìà, onífọ́tò sì ti kó fọ́tò fún wa. Iṣẹ́ rẹ̀ dára gan-an. Ojú gbogbo èèyàn mọ́, àwọ̀ aṣọ ò yí padà. Nǹkan méjì péré ló ń dùn mí.

Nígbà tí a jáde síta láti ya fọ́tò ẹbí, àlejò kan ti wa ọkọ̀ pupa wá síbi ògiri tí wọ́n ní ká dúró sí, a ò sì rí ẹni tó ni ín kó bá wa gbé e kúrò. Lẹ́yìn náà, ẹnu ọ̀nà tí wọ́n fi òdòdó ṣe lọ́ṣọ̀ọ́, òpó rẹ̀ tó wà lápá òsì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo kí á tó dé ibẹ̀. Atẹ́gùn ọyẹ́ gbọn díẹ̀ nù, àwọn ọmọdé sì já ìyókù. Láàárọ̀, òdòdó yẹn kún dẹ́dẹ́.

Lẹ́tà tí mo kọ nìyí: “Ẹ kú iṣẹ́ o, Bọ̀dá. A dúpẹ́ fún àwọn fọ́tò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa yọ ọkọ̀ tó wà lẹ́yìn kúrò, kí ẹ sì dá òdòdó padà sí àyè rẹ̀ nínú gbogbo fọ́tò. A fẹ́ kó yá nítorí álíbọ́ọ̀mù. Ẹ ṣeun.”

Ṣé ó tó bẹ́ẹ̀? Mi ò fẹ́ kó dà bíi pé mò ń ba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́.

Bàbá Ayọ̀
Ẹ kú oríire, ọmọ mi. Ẹ ò ní í fojú sunkún níbẹ̀. Lórí òdòdó, onífọ́tò kọ́ ni kí ẹ kọ̀wé sí. Àwọn tó ṣe ọ̀ṣọ́ ni kí ẹ bi. Bí òdòdó bá já kí ayẹyẹ tó parí, ó túmọ̀ sí pé wọn ò so ó dáadáa. Kí wọ́n dá díẹ̀ padà nínú owó yín.

Ìyàwó Òkè-Fìà
Ẹ ṣeun, Bàbá. Owó kọ́ ni mò ń wá o. Àwọn tó ṣe ọ̀ṣọ́ ṣe é dáadáa, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi gan-an wà lára àwọn tó já a. Nínú fọ́tò ni mo fẹ́ kí òdòdó náà padà sí.

Ọmọ Ògo-Olúwa
Ìyẹn ò le rárá. Clone Stamp ni wọ́n ń lò nínú Fótóṣọ́ọ̀pù. Yóò da ògiri kọ sórí ọkọ̀ yẹn, ó parí. Òdòdó ńkọ́? Kó lọ wá fọ́tò òdòdó funfun kan lórí ayélujára, kó lẹ̀ ẹ́ mọ́ òpó. Èyí tí kò bá ṣeé ṣe, kó gé etí fọ́tò náà kúrò. Ẹ má jẹ́ kó sọ fún yín pé iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan ni.

Atúnfọ́tòṣe Alékúwodó
Àbúrò, ẹ kú oríire. Iṣẹ́ tí mò ń ṣe nìyí, àwọn onífọ́tò ló ń gbé e wá fún mi. Ohun tó máa ń dá irú iṣẹ́ yìí dúró ni “gbogbo fọ́tò” tí ẹ kọ yẹn. Ẹni tó ya ìgbéyàwó látàárọ̀ dalẹ́ lè ní fáìlì tó lé ní 1,000 lọ́wọ́. Bó bá ka “gbogbo”, kò ní mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀, yóò kàn gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹ yan èyí tí yóò wọ álíbọ́ọ̀mù àti èyí tí ẹ fẹ́ gbé kọ́ ara ògiri, kí ẹ kọ nọ́ńbà fáìlì kọ̀ọ̀kan.

Ọ̀rọ̀ Clone Stamp tí ọ̀rẹ́ wa sọ, òótọ́ wà níbẹ̀. Bí ọkọ̀ bá wà lọ́ọ̀ọ́kán, tó jẹ́ pé yanrìn tàbí koríko ló yí i ká, ó lè yára. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ yẹn bo nǹkan kan mọ́lẹ̀, kámẹ́rà ò sì rí ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tó bá yọ ọkọ̀ gbọ́dọ̀ rí nǹkan dí àyè rẹ̀. Bí ògiri náà bá jẹ́ ti búlọ́ọ̀kù tí a ò rẹ́, gbogbo ìlà tó wà láàárín búlọ́ọ̀kù gbọ́dọ̀ bá ara wọn mu láti ọ̀tún dé òsì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ojú yóò rí i kíá.

Nítorí náà, ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni pé: ṣé onífọ́tò yín ya ibẹ̀ láàárọ̀, kí ọkọ̀ náà tó dé? Bó bá yà á, ògiri gidi wà nílẹ̀. Yóò gbé fọ́tò méjèèjì lé ara wọn, yóò fi ohun kan tí kò kúrò lójú kan (òpó, igun ògiri, wáyà iná) tò wọ́n pọ̀, yóò wá ṣí ibi tí ọkọ̀ wà nìkan kí ògiri àárọ̀ hàn níbẹ̀. Ìyẹn sàn ju kéèyàn máa hun ògiri láti inú orí rẹ̀ lọ.

Ẹ tún sọ ibi tí ọkọ̀ wà sí ara yín. Ara ọkọ̀ gan-an kọ́ ló ń gba àkókò. Òjìji tó wà lábẹ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ bá a lọ. Àlàfo tó wà láàárín apá àti ìbàdí èèyàn, àti láàárín ẹsẹ̀, pupa máa ń kù síbẹ̀. Bí ọkọ̀ náà bá pupa tó sì ń dán, àwọ̀ rẹ̀ á ti ta sára aṣọ funfun tó bá wà nítòsí, ẹ ó rí i bí ẹni fi osùn kan aṣọ ní ẹ̀gbẹ́ kan. Bí ẹ bá sì fi nẹ́ẹ̀tì borí, ọkọ̀ yóò hàn láti inú nẹ́ẹ̀tì. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà.

Màmá Ìbejì Ìgbọ̀nà
Ọ̀rọ̀ ògiri tí ẹ sọ yìí mú mi rántí ọjọ́ìbí ọgọ́ta ọdún ìyá mi. Jẹnẹrétọ̀ wà lẹ́yìn ìyá mi nínú fọ́tò tó dára jù, a sì ní kí wọ́n yọ ọ́. Wọ́n yọ ọ́ lóòótọ́. Àmọ́ ògiri ibẹ̀ ní àbààwọ́n omi òjò kan, nígbà tí fọ́tò padà dé, àbààwọ́n kan náà wà níbi mẹ́ta, bákan náà gẹ́lẹ́, ó tò tẹ̀ léra wọn. Gbogbo ẹni tó bá wọlé ló ń béèrè ohun tó ṣe ògiri. Ó dùn mí púpọ̀ nítorí ìyá mi fẹ́ràn fọ́tò yẹn. Ṣé ó ṣì ṣeé tún ṣe báyìí? Èyí tí wọ́n tẹ̀ nìkan ló wà lọ́wọ́ wa.

Atúnfọ́tòṣe Alékúwodó
Ẹ pẹ̀lẹ́, Màmá. Ohun tí Clone Stamp ń ṣe nìyẹn nígbà tí ẹni tó ń lò ó bá ń mú láti ojú kan ṣoṣo. Ẹ wá ẹni tó yà á, kí ẹ bi í bóyá fáìlì àkọ́kọ́ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí kò bá sí, a lè ya èyí tí wọ́n tẹ̀ padà sínú kọ̀ǹpútà, kí á sì pa àbààwọ́n méjì rẹ́, ṣùgbọ́n kò ní mú tó ti àkọ́kọ́.

Ìyàwó Òkè-Fìà
Mo ti jókòó wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ògiri búlọ́ọ̀kù ni lóòótọ́. Mẹ́rin ni mo yàn.

DSC_4127: èmi àti ọkọ mi pẹ̀lú àwọn òbí méjèèjì. Iwájú ọkọ̀ náà wà láàárín èmi àti ìyá ọkọ mi, nẹ́ẹ̀tì mi sì bo etí rẹ̀ kan.
DSC_4131: ẹbí ọkọ mi. Ọkọ̀ wà ní ìkángun lápá ọ̀tún, kò kan ẹnikẹ́ni.
DSC_4138: àwa méjèèjì lábẹ́ òdòdó. Ìdí ọkọ̀ yọ díẹ̀ lápá ọ̀tún, òpó òsì sì ṣófo. Èyí ni a fẹ́ tẹ̀ ní 16 sí 24 ínṣì kí á gbé e kọ́ sí pálọ̀.
DSC_4152: àwọn ọ̀rẹ́ mi tó wọ aṣọ ẹbí. Wọ́n pọ̀, ọkọ̀ náà sì ń yọ pupa láàárín wọn níbi púpọ̀.

Mo tún rí DSC_3806. Àárọ̀ ni wọ́n yà á, àbúrò mi dúró níwájú ògiri kan náà, kò sí ọkọ̀, òdòdó sì pé lórí òpó méjèèjì.

Ọmọ Ògo-Olúwa
4138 yẹn, kó gé apá ọ̀tún kúrò. Ìdí ọkọ̀ tó yọ díẹ̀ kì í ṣe ohun tó yẹ kéèyàn máa dààmú lé lórí.

Atúnfọ́tòṣe Alékúwodó
Fún 4131, mo gbà pẹ̀lú rẹ, kó gé e. Ti 4138 yàtọ̀, nítorí pé òun ni wọ́n fẹ́ tẹ̀ tóbi. Wo ó báyìí. Ká ní kámẹ́rà rẹ̀ ń ya fọ́tò tó ní ẹ̀kán àwọ̀ 6000 ní fífẹ̀ àti 4000 ní gíga, tó jẹ́ èyí tó wọ́pọ̀. Bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ ní ínṣì 24, ínṣì kọ̀ọ̀kan yóò ní ẹ̀kán 250, ìyẹn yóò mú dáadáa. Bó bá gé 1500 kúrò lápá ọ̀tún, 4500 ló kù. Ìwọ̀n 16 sí 24 sì fẹ́ kí gíga àti fífẹ̀ bá ara wọn mu, nítorí náà yóò gé 1000 kúrò lókè tàbí nísàlẹ̀ pẹ̀lú, yóò wá ku 4500 sí 3000. Ínṣì kọ̀ọ̀kan á ti di 187. Ó ṣì ṣeé tẹ̀, ṣùgbọ́n ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé orí ẹnu ọ̀nà olódòdó yẹn ni ọ̀bẹ yóò gé, òun gan-an sì ni wọ́n dúró sí abẹ́ rẹ̀. Kó yọ ọkọ̀ ibẹ̀ ni. Ìdí ọkọ̀ kékeré lára ògiri, 3806 á kájú rẹ̀.

Ó ku òdòdó. Ti ayélujára yẹn, èmi ò ní gbà á. Irú òdòdó ò ní bá a mu, ìmọ́lẹ̀ ò ní bá a mu, òdòdó ẹlòmíì sì ni. Òdòdó yín gan-an wà nílẹ̀.

Àbúrò, ẹ bá mi wo nǹkan kan: nínú 3806, apá wo ni oòrùn ti ń tàn bọ̀? Nínú 4138 ńkọ́? Ẹ wo òjìji imú àti ti òpó.

Ìyàwó Òkè-Fìà
Nínú 3806, òjìji àbúrò mi ṣubú sápá òsì, nítorí náà oòrùn wà lápá ọ̀tún. Nínú 4138, òjìji wa ṣubú sápá ọ̀tún.

Atúnfọ́tòṣe Alékúwodó
Mo fura bẹ́ẹ̀. Àárọ̀ àti ọ̀sán, oòrùn ti kọjá sí òdì kejì. Bó bá mú òdòdó òpó òsì láti inú fọ́tò àárọ̀, tó sì gbé e lé òpó òsì ti ọ̀sán bó ṣe wà, ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún òdòdó ni yóò máa mọ́lẹ̀ nígbà tó jẹ́ pé ẹ̀gbẹ́ òsì lójú yín àti aṣọ yín ló mọ́lẹ̀. Ẹni tó ń wò ó lè má mọ ohun tó ṣe é, ṣùgbọ́n yóò máa rí i bí ohun tí a lẹ̀ mọ́ ibẹ̀.

Ọ̀nà wà. Òdòdó òpó ọ̀tún ni kó mú láti inú 3806, kó wá yí i padà bí èèyàn ṣe ń rí ara rẹ̀ nínú dígí. Òpó ọ̀tún á di òpó òsì, ẹ̀gbẹ́ tó mọ́lẹ̀ á di òsì, bó ṣe yẹ kó rí lọ́sàn-án. Èyí ṣeé ṣe nítorí pé ẹnu ọ̀nà olódòdó ní òpó méjì tó jọra. Bó bá jẹ́ pé wọ́n kọ orúkọ yín sára rẹ̀, lẹ́tà á kọ ẹ̀yìn síwájú, ẹ wò ó dáadáa.

Lẹ́yìn ìyẹn, ó ku ohun mẹ́ta tí ojú rẹ̀ gbọ́dọ̀ tó. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn àárọ̀ máa ń pọ́n ju ti ọ̀sán lọ, kó mú funfun òdòdó náà bá funfun òpó ọ̀tún tó wà nínú 4138 mu. Bí ẹnu ọ̀nà náà bá rí bàìbàì díẹ̀ lẹ́yìn yín, òdòdó tó gbé wá gbọ́dọ̀ rí bàìbàì bákan náà. Kó sì fi òjìji sábẹ́ òdòdó lára aṣọ tó wé mọ́ òpó, nítorí òdòdó tí kò ní òjìji ń léfòó ni. Bó bá lè pààrọ̀ ọ̀kan méjì nínú wọn síbòmíì, òpó méjèèjì ò ní dà bí ìbejì.

Onífọ́tò Ìlobùú
Ẹ kú ìjókòó gbogbo yín. Ohun tí Ẹ̀gbọ́n Alékúwodó sọ dára, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ owó. Nígbà tí àwa bá dá owó fún ìgbéyàwó, títún àwọ̀ àti ìmọ́lẹ̀ ṣe wà nínú rẹ̀. Yíyọ ọkọ̀ àti dídá òdòdó padà, iṣẹ́ ọ̀tọ̀ ni. 4127 yẹn nìkan, pẹ̀lú nẹ́ẹ̀tì, lè gba èmi ní odidi ọjọ́ kan. Ẹ béèrè iye rẹ̀ nínú lẹ́tà náà kí ó má bàa dà bíi pé ọ̀fẹ́ ni ẹ ń wá.

Ọmọ Ògo-Olúwa
Mi ò fara mọ́ ọn. Onífọ́tò wọn ló di kámẹ́rà mú, òun ló ń wo inú rẹ̀. Ó yẹ kó rí ọkọ̀ pupa, kó sì ní kí wọ́n sún díẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Kí ló dé tí ìyàwó yóò tún san owó?

Onífọ́tò Ìlobùú
Ẹ̀yin ẹ ò tíì ya ẹbí méjì ní ọ̀sán oòrùn, tí àwọn bàbá ti ń sọ pé ó ti rẹ àwọn, tí alága ìdúró sì ń pè yín sínú họ́ọ̀lù. Ìyàwó fúnra rẹ̀ sọ pé wọ́n wá ẹni tó ni ọkọ̀, wọn ò rí i.

Bàbá Ayọ̀
Èmi rò pé kí wọ́n pín in sí méjì. Kí onífọ́tò gba ti ọkọ̀, kí ìyàwó san ti òdòdó, nítorí òdòdó ò kàn án rárá.

Atúnfọ́tòṣe Alékúwodó
Ti owó, kí àwọn méjèèjì sọ ọ́ láàárín ara wọn. Àbúrò, ẹ kọ lẹ́tà náà bí ẹni tó ń fún un ní iṣẹ́ tó mọ́ kedere. Ẹ ṣàlàyé fáìlì kọ̀ọ̀kan. Ẹ má fi fọ́tò ránṣẹ́ sí i lórí Wásáàpù kí ó máa ṣiṣẹ́ lórí ìyẹn, nítorí Wásáàpù ń sọ fọ́tò di kékeré. Nọ́ńbà ni kí ẹ kọ, kó lọ ṣí fáìlì tó ti inú kámẹ́rà jáde, èyí tó parí pẹ̀lú .NEF. Kó sì kọ́kọ́ ṣe 4127 fún yín wò. Bó bá mọ 4127 ṣe, ìyókù á rọ̀ ọ́ lọ́rùn.

Nínú 4152, kò dá mi lójú pé ọkọ̀ náà yóò ṣeé yọ tán. Ọkọ̀ ń yọ láàárín gèlè, láàárín apá, láàárín ẹsẹ̀. Èmi fúnra mi, ohun tí mo máa ń ṣe ni pé mo ń pa pupa rẹ̀ kú, mo sọ ọ́ di eérú, mo sì jẹ́ kó ṣókùnkùn díẹ̀. Ọkọ̀ ṣì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ojú ò ní lọ síbẹ̀ mọ́. Kó ṣọ́ra o, bí aṣọ ẹbí yín bá ní pupa nínú, kó má pa ìyẹn náà kú.

Ìyàwó Òkè-Fìà
Búlúù àti fàdákà ni aṣọ ẹbí wa, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Kò sì sí orúkọ wa lára ẹnu ọ̀nà olódòdó. Lẹ́tà tuntun nìyí:

“Ẹ kú iṣẹ́ o, Bọ̀dá. Èmi àti ọkọ mi dúpẹ́ lọ́wọ́ yín. Gbogbo ẹbí ló ń yin àwọn fọ́tò náà.

Ẹ jọ̀ọ́, a ní ẹ̀bẹ̀ kan lórí fọ́tò mẹ́rin tí yóò wọ álíbọ́ọ̀mù. Nínú DSC_4127, ẹ bá wa yọ ọkọ̀ pupa tó wà láàárín èmi àti ìyá ọkọ mi, pẹ̀lú òjìji abẹ́ rẹ̀, pupa tó hàn láti inú nẹ́ẹ̀tì mi, àti èyí tó ta sára aṣọ mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀tún. Nínú DSC_4131, ẹ lè gé apá ọ̀tún kúrò, ìyẹn tẹ́ wa lọ́rùn. DSC_4138 ni a fẹ́ tẹ̀ ní 16 sí 24 ínṣì, nítorí náà ẹ jọ̀ọ́ ẹ má gé e. Ẹ yọ ìdí ọkọ̀ tó wà lápá ọ̀tún, kí ẹ sì dá òdòdó padà sórí òpó òsì. Nínú DSC_4152, bí ọkọ̀ náà ò bá ṣeé yọ, ẹ bá wa pa pupa rẹ̀ kú kó má gba ojú.

Ẹ ya ògiri yẹn láàárọ̀ láìsí ọkọ̀, òdòdó sì pé nínú rẹ̀: DSC_3806. A rò pé ẹ lè rí ògiri àti òdòdó mú níbẹ̀. Oòrùn wà lódì kejì nígbà yẹn, nítorí náà òdòdó òpó ọ̀tún tí ẹ bá yí padà lè bá ti òsì mu, ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n jù wá lọ.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ lo fáìlì inú kámẹ́rà, kí ẹ má sì pa èyí tí ẹ kọ́kọ́ fún wa rẹ́. Ẹ kọ́kọ́ ṣe DSC_4127 kí á jọ wò ó. Bí iṣẹ́ yìí bá ní owó tirẹ̀, ẹ sọ iye rẹ̀ fún wa kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, àti ìgbà tí a lè máa retí rẹ̀. Ẹ ṣeun púpọ̀, Bọ̀dá.”

Màmá Ìbejì Ìgbọ̀nà
Ó dára, ọmọ mi. Ó ní ọ̀wọ̀, ó sì yé èèyàn. Nígbà tí 4127 bá dé, ẹ fà á tóbi lórí kọ̀ǹpútà, ẹ má wò ó lórí fóònù. Orí fóònù ni èmi ti wo ti ìyá mi tí mo ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́.

Onífọ́tò Ìlobùú
Lẹ́tà yìí, bí oníbàárà bá kọ ọ́ sí mi, n ó ṣe é. Ọ̀rọ̀ òdòdó yíyí padà yẹn nìkan, ẹ lè yọ ọ́. Àwọn míì nínú wa kì í fẹ́ kí oníbàárà kọ́ wọn níṣẹ́.

Ìyàwó Òkè-Fìà
Mo fi í sílẹ̀ nínú lẹ́tà náà, Bọ̀dá, nítorí mo rò pé yóò dín wàhálà onífọ́tò wa kù. Mo ti fi ránṣẹ́. Ó ti fèsì pé fáìlì 3806 ṣì wà lọ́wọ́ òun, òun yóò sì kọ́kọ́ ṣe 4127. Ó ní òun ò ní gba owó lórí ọkọ̀ inú 4131 àti 4138, ṣùgbọ́n 4127 àti òdòdó yóò ní iye tirẹ̀, kò sì tíì sọ iye náà. Lórí 4152, ó ní kí á fún òun láyè kí òun wò ó ná.

Atúnfọ́tòṣe Alékúwodó
Ìyẹn dára. Bí 4127 bá dé, ẹ kọ́kọ́ wo etí nẹ́ẹ̀tì, lẹ́yìn náà àlàfo tó wà lábẹ́ apá ìyá ọkọ yín, kí ẹ sì wo ìlà búlọ́ọ̀kù láti òsì dé ọ̀tún. Bí pupa bá kù níbì kankan, ẹ sọ fún un kó tó bọ́ sórí òdòdó.